Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Bí a ṣe ń pààrọ̀ kátúùṣì rọ́bínẹ̀ ọlọ́wọ́ kan

     

Ẹ̀yin tó wà nídìí iná ní Koko, Bantè àti Savalou ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ bá mi wo rọ́bínẹ̀ tó wà lórí síǹkì yín. Ọwọ́ mélòó ló ní? Bó bá jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo, èyí tí ẹ ń gbé sókè kí omi lè dà, tí ẹ ń tẹ̀ sísàlẹ̀ kí omi lè dá, tí ẹ ń yí sápá kan fún omi tútù, sápá kejì fún omi gbóná, ẹ súnmọ́ rédíò yín. Ọ̀rọ̀ yín ni.

Ṣé rọ́bínẹ̀ náà ń kán tó, tó, tó ní gbogbo òru, bẹ́ẹ̀ ẹ ti pa á dáadáa? Ṣé omi ń yọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ bá ṣí i? Ṣé ọwọ́ náà ti le, tó fi jẹ́ pé ẹ ní láti fi agbára gbé e? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé rọ́bínẹ̀ náà ti kú, pé kí wọ́n lọ ra òmíràn. Ẹ má tíì rà á. Bí ara rọ́bínẹ̀ náà bá ṣì le, tí kò là, tí ìpẹtà kò jẹ ẹ́, nǹkan kékeré kan nínú rẹ̀ ló gbó. Kátúùṣì là ń pè é níbí. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní kátíréèjì. Nǹkan kan náà ni.

Kátúùṣì ṣeé yọ. Ó ṣeé rà. Ó ṣeé fi síbẹ̀. Èwo lẹ máa rà ni ìbéèrè tó wà níbẹ̀. Wọn kì í ṣe ìwọ̀n kan. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ kókó ọ̀rọ̀ òní kíá, kí ẹni tí iṣẹ́ bá máa pè kúrò nídìí rédíò lè mú un lọ: ẹ yọ kátúùṣì àtijọ́ jáde ná, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì gbé e dání lọ sọ́jà. Ẹ má fi ojú inú ra kátúùṣì.

Ó dáa. Kí ló wà nínú kátúùṣì yìí? Ike ni ara rẹ̀, ó rí roboto, ó sì ga níwọ̀nba. Ọ̀pá kékeré kan yọ lórí rẹ̀, òun ni ọwọ́ rọ́bínẹ̀ máa ń dì mú. Nínú ike yẹn, àwo tánganran méjì ló wà níbẹ̀, pẹlẹbẹ, wọ́n dán bíi dígí, ọ̀kan lé ọ̀kan. Ti ìsàlẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Ti òkè ló ń rìn lórí rẹ̀, bí ọmọ ọlọ ṣe ń rìn lórí ìyá ọlọ. Àwọn méjèèjì ní ihò lára. Nígbà tí ẹ bá gbé ọwọ́ rọ́bínẹ̀ sókè, ihò pàdé ihò, omi dà. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ibi tí kò níhò bo ihò mọ́lẹ̀, omi dá. Tí ẹ bá yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì, ihò omi tútù ló ṣí jù tàbí ihò omi gbóná.

Tánganran yẹn le gan-an. Kì í tètè jẹ. Kí ló wá ń bà á jẹ́? Yanrìn ni. Nígbà tí omi bá lọ tó sì padà dé, ó máa ń kó yanrìn àti ìpẹtà páìpù bọ̀. Hóró yanrìn kan ṣoṣo tó bá kó sáàárín àwo méjèèjì máa ha ojú wọn, ojú tí yanrìn ti ha náà sì ni omi ń gbà kán. Nǹkan kejì tó ń gbó ni rọ́bà. Àwọn òrùka rọ́bà kéékèèké wà nísàlẹ̀ kátúùṣì, níbi tó ti jókòó nínú rọ́bínẹ̀. Rọ́bà máa ń le, ó máa ń pẹlẹbẹ, nígbà tó bá sì ti pẹlẹbẹ, kò dí omi mọ́.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ronú rọ́bínẹ̀ ọlọ́wọ́ kan yìí ni ọ̀gbẹ́ni ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Alfred Moen. Ní ọdún 1937, nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, ó ń fọwọ́ nídìí rọ́bínẹ̀ ọlọ́wọ́ méjì, omi gbóná sì jó o lọ́wọ́. Ó ní ó yẹ kí ọwọ́ kan lè darí omi méjèèjì. Ó ṣe é títí, ogun àgbáyé dá a dúró, ọdún 1947 ni wọ́n tó ta àkọ́kọ́ rẹ̀ nílùú San Francisco. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ti ń ṣe tiwọn, oníkálukú pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kátúùṣì fi pọ̀ lọ́jà tí wọn ò sì bára mu.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ rọ́bínẹ̀ ọlọ́wọ́ kan ti ilé ìdáná là ń sọ, bí a ṣe ń pààrọ̀ kátúùṣì inú rẹ̀. Kókó ibẹ̀ ni pé kí ẹ yọ ti àtijọ́ ná, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ gbé e dání lọ sọ́jà.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wo ibi tí omi ti ń yọ. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí kì í ṣe gbogbo omi tó ń yọ ló jẹ́ ẹ̀bi kátúùṣì. Bó bá jẹ́ ẹnu rọ́bínẹ̀ ló ń kán nígbà tí ẹ ti pa á, kátúùṣì ni. Àmọ́ ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó dájọ́. Omi tó ṣẹ́ kù nínú ọrùn rọ́bínẹ̀ lè kán fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó sì dá. Èyí tí kò dá rárá là ń wí. Bó bá jẹ́ abẹ́ ọwọ́ rọ́bínẹ̀ ni omi ti ń yọ, ó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀tù tó di kátúùṣì mú ti dẹ̀, ó sì lè jẹ́ kátúùṣì. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti fún nọ́ọ̀tù náà díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdí ọrùn rọ́bínẹ̀ ni omi ti ń yọ, níbi tí ọrùn náà ti ń yí, kátúùṣì kọ́ nìyẹn. Òrùka rọ́bà ọrùn ló gbó. Bí omi kò bá sì dà dáadáa mọ́, ẹ tú asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu rọ́bínẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́. Yanrìn ló sábà máa ń dí i. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò bá wò ó dáadáa lè ra kátúùṣì lásán.

A ti rí i pé kátúùṣì ni. Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú u.

Ẹ pa omi. Ẹ wo abẹ́ síǹkì, bóyá rọ́bínẹ̀ kékeré méjì wà níbẹ̀ lórí páìpù. Ẹ yí wọn pa. Bí kò bá sí, ẹ lọ pa omi nídìí mítà. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí: bí ilé yín bá ní táǹkì lókè, pípa ti ìdí mítà kò tó. Omi táǹkì máa ṣì sọ̀kalẹ̀ wá. Ẹ pa ti táǹkì pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ rọ́bínẹ̀ sókè, kí ẹ yí i sápá méjèèjì, kí omi tó kù lè jáde. Bí omi bá ṣì ń dà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ibì kan wà tí ẹ ò tíì pa. Ẹ má tú nǹkan kan títí yóò fi dá.

Ẹ fi àkísà dí ihò síǹkì. Kí nìdí? Síkúrù tí a fẹ́ tú kéré gan-an. Bó bá bọ́ sínú ihò náà, ó di àwátì.

Ẹ wo ara ọwọ́ rọ́bínẹ̀, níwájú tàbí lẹ́yìn. Ẹ máa rí ìdérí ike bíńtín, èyí tó ní àmì pupa àti búlúù lára. Ẹ fi orí ọ̀bẹ yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Síkúrù kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe súkúrúdíráfà ló sábà máa ń tú u, kọ́kọ́rọ́ àlẹ́ẹ̀nì ni, irin tẹ́ẹ́rẹ́ onígun mẹ́fà tó tẹ̀ kọdọrọ. Àwọn tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní in. Bí ẹ kò bá ní, ẹ yá a lọ́wọ́ wọn. Ẹ dẹ síkúrù náà, ẹ kò ní láti yọ ọ́ tán. Ẹ fa ọwọ́ rọ́bínẹ̀ sókè, yóò wá.

Lẹ́yìn ọwọ́, ẹ máa rí ìdérí irin roboto tó ń dán. Ọwọ́ lásán ló sábà máa ń tú u. Bó bá le, ẹ fi aṣọ wé e kí ẹ tó fi sípánà mú un, kó má bàa ha ara rẹ̀. Abẹ́ ìdérí yìí ni nọ́ọ̀tù ńlá wà, òun ló tẹ kátúùṣì mọ́lẹ̀. Ẹ mú sípánà tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa dé. Ẹ fi ọwọ́ kejì di ara rọ́bínẹ̀ mú ṣinṣin kó má bàa yí lórí síǹkì, torí bó bá yí, ó máa lọ́ rọ́bà omi abẹ́ rẹ̀. Ẹ yí nọ́ọ̀tù náà lódì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí kò bá gbà, ẹ má fi agbára jà á. Èépá funfun tí omi fi sílẹ̀ ló dì í. Ẹ rẹ àkísà sínú fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fi wé e fún wákàtí kan, kí ẹ padà wá.

Nọ́ọ̀tù ti kúrò. Kátúùṣì hàn kedere. Ẹ dúró ná! Kí ẹ tó fà á, ẹ wo bó ṣe jókòó. Ibo ni ọ̀pá orí rẹ̀ kọjú sí? Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù yín. Lẹ́yìn náà, ẹ di ọ̀pá náà mú, kí ẹ fà á sókè gbọọrọ.

Ó ti wà lọ́wọ́ yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí la máa wọ̀n?

Ohun mẹ́rin ni. Èkíní ni bí ara rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Méjì ló wọ́pọ̀ jù lọ nínú rọ́bínẹ̀ ilé ìdáná: ti mìlímítà 35 àti ti mìlímítà 40. Àwọn kan wà tó kéré jù bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ 25, tó máa ń wà nínú àwọn rọ́bínẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n láìní irin ìwọ̀n oníṣẹ́? Ẹ lọ yá tépù télọ̀. Ẹ fi tépù náà yí ara kátúùṣì ká lẹ́ẹ̀kan, níbi tó ti fẹ̀, kì í ṣe lórí eyín tó yọ síta. Bó bá jẹ́ sántímítà 11, ti 35 nìyẹn. Bó bá jẹ́ sántímítà 12 àti àbọ̀, ti 40 ni. Bó bá jẹ́ bíi sántímítà 8, ti 25 ni. Mo tún un sọ fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀: 11, ó jẹ́ 35, 12 àti àbọ̀, ó jẹ́ 40. Tépù télọ̀ lásán ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Èkejì ni ìdí rẹ̀. Ẹ yí kátúùṣì dojú dé, ẹ wo abẹ́. Ṣé abẹ́ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, àbí ó ní ẹsẹ̀ tó gbé e sókè? Ihò mélòó ló wà níbẹ̀, ibo ni òrùka rọ́bà wà? Omi tútù ń gba ọ̀kan wọlé, omi gbóná ń gba òmíràn, àpapọ̀ wọn ń gba ibòmíràn jáde. Bí ihò abẹ́ kátúùṣì tuntun kò bá bọ́ sórí ihò inú rọ́bínẹ̀, omi kò ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ni eyín abẹ́ rẹ̀. Eyín ike kéékèèké méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, tó ń wọ ihò kéékèèké nínú rọ́bínẹ̀ kí kátúùṣì má bàa yí. Àyè tó wà láàárín eyín méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Ẹ̀kẹrin ni gíga rẹ̀ àti ọ̀pá orí rẹ̀. Bí ọ̀pá bá kúrú jù, ọwọ́ rọ́bínẹ̀ kò ní rí nǹkan dì mú. Bó bá gùn jù, ọwọ́ náà máa dúró lókè láìbo ìdérí. Bí ọ̀pá náà bá sì nípọn ju ti àtijọ́, kò ní wọ ọwọ́ rárá.

Fífẹ̀, ìdí, eyín, gíga. Ṣé ẹ ti mú un? Ẹ kà á pẹ̀lú mi: fífẹ̀, ìdí, eyín, gíga.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn kan yẹ̀ wò. Ká sọ pé ìyá kan wà ní Koko níbí tó ń ta oúnjẹ. Rọ́bínẹ̀ rẹ̀ ń kán. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ ra kátúùṣì bọ̀ ní Savalou. Ọmọ náà kò tú nǹkan kan. Ó fi rúlà wọn ìdérí irin tó wà lókè, ó rí i pé ó lé díẹ̀ ní mìlímítà 40. Ó ní, “Ti 40 ni.” Ó lọ rà á. Nígbà tó dé ilé tó tú rọ́bínẹ̀, kátúùṣì tuntun jókòó sẹ́nu ihò, kò wọlé. Kí ló fà á? Ìdérí ló wọ̀n. Ìdérí máa ń bo nọ́ọ̀tù, nọ́ọ̀tù sì ń bo kátúùṣì, nítorí náà òde gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju inú lọ. Ẹni tó bá wọn òde rọ́bínẹ̀, òde ló wọ̀n, kò tíì wọn kátúùṣì.

Ó fi tépù télọ̀ yí ti àtijọ́ ká, ó jẹ́ sántímítà 11. Ó ní, “Háà, ti 35 ni!” Ó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lórí síǹkì, ó tún gba ọ̀nà Savalou lọ. Ó ra ti 35. Ó wọlé rẹ́gí. Inú ìyá dùn. Wọ́n ṣí omi. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rọ́bínẹ̀ bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kí ló tún fà á? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ti àtijọ́ ní ẹsẹ̀, tuntun tẹ́ pẹrẹsẹ. Àlàfo kù lábẹ́ rẹ̀, rọ́bà kò kan ìsàlẹ̀ dáadáa, omi sì ń gba abẹ́ kátúùṣì kọjá sí ẹnu rọ́bínẹ̀ láìgba inú àwo tánganran rárá. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sọ pé kátúùṣì náà kò dára. Ó dára. Ìtẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Ìgbà tí ọmọ náà wá gbé ti àtijọ́ dání lọ, iṣẹ́ parí. Ó gbé méjèèjì kalẹ̀ lórí tábìlì ọlọ́jà, ìdí sí ìdí. Ó wo ẹsẹ̀, ó wo eyín. Ó gbé wọn dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, orí ọ̀pá wọn dọ́gba. Ó rà á, ó fi í síbẹ̀, kíkán dá. Ẹ wò ó, owó mọ́tò ẹ̀ẹ̀mejì àti owó kátúùṣì méjì ló bá ọ̀nà lọ, nítorí pé ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wà lórí síǹkì.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá sídìí rédíò, ohun tí à ń sọ nìyẹn: ẹ gbé kátúùṣì àtijọ́ dání. Ẹ fi ìdí kan ìdí, kí ẹ tó sanwó.

Ẹ ti rà á bọ̀. Ẹ má tíì fi í síbẹ̀. Ẹ wo inú ihò rọ́bínẹ̀ ná. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún. Ẹ yọ èépá funfun tó bá wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, torí ibẹ̀ ni rọ́bà máa jókòó lé. Ẹ tún ṣe nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń gbójú fò: ẹ fi kọ́ọ̀pù tàbí aṣọ bo ẹnu ihò náà, kí ẹnì kan ṣí omi díẹ̀ lábẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kó tún pa á. Omi yẹn ló máa gbá yanrìn jáde. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yanrìn tó ba ti àtijọ́ jẹ́ ni yóò ba tuntun jẹ́.

Ẹ gbé kátúùṣì tuntun wọlé bó ṣe wà nínú fọ́tò tí ẹ yà. Kí eyín wọ ihò eyín. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, kó má mì. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tù títí yóò fi dúró, lẹ́yìn náà ẹ fi sípánà fún un díẹ̀, díẹ̀ ni mo wí. Bí ẹ bá fún un jù, ọwọ́ rọ́bínẹ̀ máa le, ike kátúùṣì sì lè là. Bó bá dẹ̀ jù, omi máa yọ lábẹ́ ọwọ́. Ẹ ki ọwọ́ rọ́bínẹ̀ bọ ọ̀pá kí ẹ dán an wò: ó yẹ kó lọ sókè sódò láìfipá. Ẹ wá dá ìdérí padà, ẹ de síkúrù.

Ẹ gbé ọwọ́ rọ́bínẹ̀ sókè sáàárín, kí ẹ ṣí omi abẹ́ síǹkì jẹ́jẹ́. Afẹ́fẹ́ yóò kọ́kọ́ tú jáde, lẹ́yìn náà omi. Ẹ pa á. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wò ó. Bí kò bá kán, tí abẹ́ ọwọ́ gbẹ, iṣẹ́ ti parí. Bí omi gbóná bá ń jáde níbi tó yẹ kí tútù ti jáde, ẹ wò ó bóyá kátúùṣì yín lè wọlé lápá kejì. Bó bá lè wọlé, ẹ yí i. Bí eyín rẹ̀ kò bá gbà, ẹ pààrọ̀ rọ́bà omi méjèèjì lábẹ́ síǹkì.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn: “Omi gbóná kẹ̀? Omi tútù nìkan la ní nílé.” Òótọ́ ni. Ilé tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa ló ní páìpù kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ èyí o: kátúùṣì yín ṣì ní ihò méjì tí omi ń gbà wọlé. Rọ́bà omi gbóná tó wà lábẹ́ kò gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Nígbà tí ẹ bá gbé ọwọ́ rọ́bínẹ̀ sáàárín, omi tútù lè gba inú kátúùṣì kọjá, kó gba rọ́bà gbóná padà sísàlẹ̀, kó dà sínú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Ẹ fi ìdérí dí i. Èyí tó dára jù ni pé kí pọ́lọ́ḿbíyè fi ẹ̀ka oríta kan sára páìpù tútù, kó so rọ́bà méjèèjì mọ́ ọn. Nígbà náà, ibi yòówù tí ẹ bá yí ọwọ́ sí, omi á dà dáadáa.

Báwo ni tuntun yìí ṣe máa pẹ́? Nígbà tí omi bá lọ tó padà dé, ẹ má fi rọ́bínẹ̀ ọlọ́wọ́ kan ṣe àkọ́ṣí. Ẹ lọ ṣí rọ́bínẹ̀ ìta, èyí tí ẹ fi ń pọnmi sí korobá. Ẹ jẹ́ kó dà títí omi á fi mọ́ kedere. Omi pupa yẹn, tó kún fún ìpẹtà àti yanrìn, kó má gba àárín tánganran kọjá. Rọ́bínẹ̀ ìta tí wáṣà rọ́bà wà nínú rẹ̀ kò kà á sí tó bẹ́ẹ̀, wáṣà rẹ̀ kò sì ṣòro láti rọ́pò.

Ìgbà wo ni ẹ kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe? Bí ara rọ́bínẹ̀ bá ti là, bí ojú ibi tí kátúùṣì ń jókòó lé bá ti jẹ, bí nọ́ọ̀tù bá kọ̀ jálẹ̀ lẹ́yìn fínígà. Ẹ pe pọ́lọ́ḿbíyè. Bí ẹ bá sì wá a káàkiri ọjà Bantè àti Savalou tí ẹ ò rí kátúùṣì tó bá a mu, ẹ fi ti àtijọ́ rán ẹni tó ń lọ sí Kùtọnú. Ẹ fi òun gan-an rán an o, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò kò sọ bí ìdí ṣe fẹ̀ tó.

Àkókò wa ti ń lọ, ẹ jẹ́ kí n kó o jọ. Ẹ wo ibi tí omi ti ń yọ. Ẹ pa omi, ti táǹkì pẹ̀lú. Ẹ yọ kátúùṣì àtijọ́. Ẹ wo fífẹ̀, ìdí, eyín àti gíga. Tépù télọ̀: 11, ó jẹ́ 35, 12 àti àbọ̀, ó jẹ́ 40. Ẹ gbé e dání lọ sọ́jà. Ẹ gbá yanrìn jáde kí tuntun tó wọlé. Ẹ má fún nọ́ọ̀tù jù.

Bí rọ́bínẹ̀ bá ń kán nílé yín lónìí, ẹ kọ́kọ́ yá kọ́kọ́rọ́ àlẹ́ẹ̀nì kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ tú u lówùúrọ̀ ọ̀la nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, kí ọjà sì tó ṣí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọrùn rọ́bínẹ̀ tó ń yọ omi la ó gbé yẹ̀ wò.